Bí a ṣe ń ka owó ìtanràn ìwé tó pẹ́ lọ́wọ́ òǹkàwé, láì ka ọjọ́ àánú àti ọjọ́ tí ilé ìkàwé tì

Ẹ jẹ́ ká mú ilé ìkàwé kan ní Ìkéré-Èkìtì, tó máa ń ṣí láti Ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́ Àbámẹ́ta, tó sì máa ń tì ní Ọjọ́ Àìkú. Ogún náírà (₦20) ni owó ìtanràn ọjọ́ kan lórí ìwé tó bá pẹ́, ọjọ́ méjì sì ni ọjọ́ àánú. Òǹkàwé kan yá ìwé, òǹtẹ̀ tí wọ́n lù sínú rẹ̀ ní kó dá a padà ní Ọjọ́bọ̀, 5 Júùnù 2025. Ọjọ́ Ajé, 16 Júùnù ló tó gbé e dé. Èló ni kó san?

Ẹ gbé ìbéèrè yìí fún òṣìṣẹ́ mẹ́rin, ẹ lè gba ìdáhùn mẹ́rin: ₦80, ₦100, ₦120, ₦180. Yàtọ̀ sí ẹni tó ní ₦180, kò sí èyí tó ṣìṣirò nínú wọn. Ohun tó fà á ni pé ìwé òfin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri kàn sọ pé «ọjọ́ méjì ni àánú, a kì í ka ọjọ́ ìsinmi», kò sì sọ bí méjèèjì ṣe máa bára wọn rìn. Níbẹ̀ ni ìjà tó máa ń wáyé lórí káńtà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ náà la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ tún òfin kọ

Kí ẹnikẹ́ni tó mú kàlẹ́ńdà, òfin gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin.

Ìkíní: ọjọ́ wo ni kíkà bẹ̀rẹ̀? Ọjọ́ tó tẹ̀lé ọjọ́ ìdápadà ni. Ọjọ́ ìdápadà fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ti òǹkàwé títí ilẹ̀kùn á fi tì. Ó yẹ kí a tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ wa la bá kíkà ọjọ́ ọjà dàgbà. Nínú ọjà ọrọọrún, ọjọ́ tí a ná ọjà gan-an ni ọjọ́ kìíní, ọjọ́ tí a tún máa ná an ni ọjọ́ karùn-ún, a ka orí a sì ka ìdí. Ẹni tó bá ka ìwé tó pẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò fi ọjọ́ kan kún gbèsè òǹkàwé nígbà gbogbo. Ọjọ́ tí ìwé padà wọlé ni tirẹ̀ wà nínú kíkà, bí ilé ìkàwé bá ṣí lọ́jọ́ náà.

Ìkejì: irú ọjọ́ wo ni ọjọ́ àánú? Ṣé ọjọ́ tí ilé ìkàwé ṣí nìkan ni, àbí ọjọ́ èyíkéyìí lórí kàlẹ́ńdà? Èyí ni ìbéèrè tó lágbára jù. Ní tiwa, ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí ló yẹ kó jẹ́. Ìdí tí a fi ń fún ènìyàn ní ọjọ́ àánú ni kó lè ráyè gbé ìwé wá. Bí a bá wá fún un ní Ọjọ́ Àìkú gẹ́gẹ́ bí àánú, kí ló fẹ́ fi ṣe?

Ìkẹta: nígbà tí ọjọ́ àánú bá parí tí ìwé kò dé, ṣé a máa padà lọ ka ọjọ́ àánú mọ́ ọn? Àwọn ilé ìkàwé kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní ẹni tó bá dé nínú ọjọ́ àánú kò jẹ gbèsè kankan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọjá rẹ̀ yóò san láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò burú bí wọ́n bá kọ ọ́ síta. Ohun tó ń bí àwọn òǹkàwé nínú ni bí owó ṣe ń fò: lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn àánú, òdo, lọ́jọ́ kejì, ọgọ́ta náírà lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe ogún. Nínú àpẹẹrẹ wa, a kì í ka ọjọ́ àánú padà.

Ìkẹrin: ibo ni owó náà ń dúró sí? Ẹ fi òpin sí i, bóyá ₦500, tàbí iye tí ìwé náà ń tà lọ́jà, èyí tó bá kéré jù nínú méjèèjì. Láìsí òpin, ìwé tó sọnù fún ọdún kan yóò máa pọ̀ sí i títí owó rẹ̀ yóò fi ju ti ìwé tuntun lọ, ẹni tó jẹ ẹ́ kò sì ní yọjú mọ́.

Òfin náà lè wá kà báyìí: «Láti ọjọ́ tó tẹ̀lé ọjọ́ ìdápadà, a ó máa ka ọjọ́ tí ilé ìkàwé bá ṣí nìkan. Méjì àkọ́kọ́ nínú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọjọ́ àánú, a kò sì ní ka wọ́n padà. Lẹ́yìn wọn, ₦20 ni ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kò sì ní kọjá ₦500 lórí ìwé kan.»

Ìwé ọjọ́ ìtìlẹ̀kùn

Ẹ ní ìwé kan ṣoṣo tí a ń kọ gbogbo ọjọ́ tí ilé ìkàwé tì sí, kó wà lórí káńtà, kó má ṣe wà lórí fóònù ẹnì kan. Ọjọ́ Àìkú kò nílò kíkọ, ó ń yí padà fúnra rẹ̀. Àwọn tó kù pín sí ọ̀nà mẹ́ta.

Àwọn kan ní déètì tí kì í yẹ̀: 1 Jánúárì, 1 Méè tó jẹ́ ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, 12 Júùnù tó jẹ́ ọjọ́ ìjọba àwa-ara-wa, 1 Òkìtóbà tó jẹ́ ọjọ́ òmìnira (ọjọ́ náà ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996), 25 àti 26 Dìsẹ́ńbà. Àwọn wọ̀nyí ṣeé kọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ẹ̀yìn wọn ni àwọn tó ń rìn kiri lórí kàlẹ́ńdà wà: Fúráídè Rere àti Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, èyí tí a ti ń mọ̀ tipẹ́tipẹ́, àti àwọn ọdún Mùsùlùmí tó jẹ́ pé oṣù ló ń pinnu wọn, tí ìjọba sì ń kéde wọn nígbà tí wọ́n bá sún mọ́lé. Ìkéde náà lè fi ọjọ́ kan kún un lẹ́yìn tí ẹ ti kọ èyí tí ẹ gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ka kẹta ni ti àdúgbò. Bí ilé ìkàwé Ìkéré bá tì nítorí ọdún Ọlọ́ṣùnta, tàbí ti Adó-Èkìtì tì nítorí Údírókò, tàbí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, kíkọ ló yẹ kí a kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an pẹ̀lú ìdí rẹ̀.

Ìbéèrè kan tó máa ń yọjú ni ti ọjọ́ tí a ṣí ìlàjì. Ìdíwọ̀n tó rọrùn ni pé, ṣé òǹkàwé lè rí ẹnì kan fi ìwé lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà? Bí ilẹ̀kùn bá ṣí di agogo méjìlá ọ̀sán kí a tó tì í, ọjọ́ ṣíṣí ni. Bí iná bá lọ tí kọ̀ǹpútà kú, ṣùgbọ́n tí òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀ tó lè kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà, ọjọ́ ṣíṣí náà ni. Bí òjò bá mú kí òṣìṣẹ́ má lè dé, tí àgádágodo kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ọjọ́ ìtìlẹ̀kùn ni, ì báà jẹ́ pé kò sí ìsinmi kankan lọ́jọ́ náà.

Kíkà náà, ọjọ́ kan tẹ̀lé òmíràn

Ẹ padà sí ìwé wa. Ọdún Iléyá 2025 bọ́ sí Ọjọ́ Ẹtì, 6 Júùnù. Ìjọba àpapọ̀ fi Ọjọ́ Ẹtì náà àti Ọjọ́ Ajé, 9 Júùnù ṣe ìsinmi. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, 12 Júùnù bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kún fún ìsinmi bí èyí ló dára jù láti fi dán òfin wò, nítorí pé ní ọ̀sẹ̀ tí kò sí ìsinmi, èyí tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́ lè jọ fún wa ní iye kan náà.

Ẹ kọ déètì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láti 6 sí 16, kí ẹ sì fi àmì sí i:

6 Ẹtì: tì (Iléyá)
7 Àbámẹ́ta: ṣí, àánú kìíní
8 Àìkú: tì
9 Ajé: tì (Iléyá)
10 Ìṣẹ́gun: ṣí, àánú kejì
11 Ọjọ́rú: ṣí, ₦20
12 Ọjọ́bọ̀: tì
13 Ẹtì: ṣí, ₦40
14 Àbámẹ́ta: ṣí, ₦60
15 Àìkú: tì
16 Ajé: ṣí, ìwé dé, ₦80

Ọgọ́rin náírà ni. Ọjọ́ mọ́kànlá ló wà láàárín, márùn-ún tì, mẹ́fà ṣí, méjì nínú mẹ́fà náà jẹ́ àánú, ó ku mẹ́rin.

Níbo wá ni àwọn iye yòókù ti wá? Ẹni tó ní ₦180 gbàgbé ọjọ́ ìtìlẹ̀kùn pátápátá: mọ́kànlá dín méjì, mẹ́sàn-án. Ẹni tó ní ₦120 yọ ọjọ́ ìtìlẹ̀kùn kúrò, ṣùgbọ́n ó ka ọjọ́ àánú padà. Ẹni tó ní ₦100 fi ọjọ́ kàlẹ́ńdà ṣe àánú: 6 àti 7 ni ọjọ́ àánú tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 6 tì, ó sì ku 10, 11, 13, 14 àti 16.

Ẹ dúró díẹ̀ lórí ẹni tó ní ₦100 yìí, nítorí pé ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tó ń fa àṣìṣe tó ṣòro láti rí. Ká ní òfin ilé ìkàwé yín ni pé ọjọ́ kàlẹ́ńdà ni àánú. Òṣìṣẹ́ tó fẹ́ yára lè ní: mọ́kànlá, yọ márùn-ún tó tì, yọ méjì àánú, ó ku mẹ́rin, ₦80. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin yẹn, ₦100 ló tọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó yọ 6 Júùnù lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìtìlẹ̀kùn, lẹ́ẹ̀kan gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ àánú. Yíyọ tààrà bẹ́ẹ̀ máa ń tọ́ bí àánú bá jẹ́ ọjọ́ ṣíṣí nìkan, nítorí pé ọjọ́ kan kò lè jẹ́ méjèèjì nígbà náà. Èyí náà tún jẹ́ ìdí tí a fi fara mọ́ òfin ọjọ́ ṣíṣí: ó ń gbà wá lọ́wọ́ ìyọkúrò lẹ́ẹ̀mejì.

Irú àṣìṣe yìí kan náà ń wáyé nígbà tí ìsinmi bá bọ́ sí Ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó ń fi ọwọ́ kà yóò yọ Ọjọ́ Àìkú, yóò sì tún yọ ìsinmi náà. Bí ẹ bá kọ déètì sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ṣe ṣe lókè yìí, kò lè ṣẹlẹ̀, nítorí ìlà kan ṣoṣo ni déètì kọ̀ọ̀kan ní.

Bí ọjọ́ ìdápadà bá bọ́ sí ọjọ́ tí a tì

Ká ní òǹtẹ̀ inú ìwé náà jẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, 6 Júùnù. Òǹkàwé kò lè dá a padà lọ́jọ́ Iléyá. Ohun tó tọ́ ni pé kí a sún ọjọ́ ìdápadà síwájú sí ọjọ́ ṣíṣí tó kàn, ìyẹn 7 Júùnù, kí kíkà sì bẹ̀rẹ̀ ní 8. Àánú rẹ̀ yóò jẹ́ 10 àti 11. Bó bá gbé ìwé dé ní 16, 13, 14 àti 16 ló máa san, ₦60. Bí a kò bá sún un, 7 Júùnù ni yóò jẹ́ àánú kìíní, òǹkàwé náà yóò sì san ₦80, iye kan náà pẹ̀lú ẹni tí ọjọ́ ìdápadà tirẹ̀ ti pé ní 5.

Ọ̀nà tó dára jù ni kí a ti wo ìwé ọjọ́ ìtìlẹ̀kùn kí a tó lu òǹtẹ̀. Èyí tí ìkéde bá ba lójijì la ó wá máa sún lẹ́yìn.

Lórí kọ̀ǹpútà

Excel ní iṣẹ́ kan tó ń ka ọjọ́ ṣíṣí fúnra rẹ̀, LibreOffice náà sì ní in. Ẹ ṣí ṣíìtì kan fún ìwé tí a yá, kí ọjọ́ ìdápadà wà ní òpó B, kí ọjọ́ tí ìwé dé wà ní òpó C. Ẹ ṣí ṣíìtì kejì, ẹ pè é ní `Isinmi`, kí ẹ kọ gbogbo déètì ìtìlẹ̀kùn sí òpó A rẹ̀ láti ìlà kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ìwọ̀nyí sí D2, E2 àti F2:

```
=MAX(0,NETWORKDAYS.INTL(B2+1,IF(C2="",TODAY(),C2),"0000001",Isinmi!$A$2:$A$60))
=MAX(0,D2-2)
=MIN(500,E2*20)
```

Bó bá jẹ́ LibreOffice ni ẹ ń lò, ẹ kọ `$Isinmi.$A$2:$A$60` dípò `Isinmi!$A$2:$A$60`. Èkíní ń ka ọjọ́ ṣíṣí, èkejì ń yọ àánú, ẹ̀kẹta ń sọ ọ́ di owó, ó sì ń dá a dúró ní ₦500. Nọ́ńbà méje tó wà nínú àmì ọ̀rọ̀ náà dúró fún ọjọ́ méje, láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Àìkú. 1 túmọ̀ sí pé a tì. Ilé ìkàwé tí kì í ṣí ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta yóò kọ `"0000011"`. `B2+1` ṣe pàtàkì gan-an, nítorí pé iṣẹ́ yìí máa ń ka ọjọ́ méjèèjì tó wà ní etí, gẹ́gẹ́ bí ọjà ọrọọrún. Bí ẹ bá kọ B2 lásán, ọjọ́ ìdápadà ti wọ inú rẹ̀. `MAX` àkọ́kọ́ náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́: bí ìwé bá dé ní ọjọ́ tó pé tàbí ṣáájú rẹ̀, iṣẹ́ náà lè bọ́ sí ìsàlẹ̀ òdo.

Ilé ìkàwé tó bá yan àánú ọjọ́ kàlẹ́ńdà yóò fi `B2+3` rọ́pò `B2+1`, yóò sì yọ «-2» kúrò ní E2. Sísún ìbẹ̀rẹ̀ síwájú ni, kì í ṣe yíyọ lẹ́yìn, ìyọkúrò lẹ́ẹ̀mejì kò sì ní sí.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó fọkàn tán an. Ẹ kọ 5 Júùnù 2025 sí B2, 16 Júùnù sí C2, àti 6, 9 àti 12 Júùnù sí `Isinmi`. D gbọ́dọ̀ jẹ́ 6, E jẹ́ 4, F jẹ́ 80. Bí D bá jẹ́ 9, tàbí tó bá gbé `#VALUE!` jáde, kọ̀ǹpútà kò rí àwọn ìsinmi yín. Ohun tó lè fà á ni pé déètì wọlé bí ọ̀rọ̀, kì í ṣe bí déètì. Ẹ wo àpótí náà: déètì tòótọ́ máa ń fara ti ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀rọ̀ máa ń fara ti ọwọ́ òsì.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣètò rẹ̀ ní ọ̀nà Amẹ́ríkà, tó ń fi oṣù ṣáájú ọjọ́. Ẹ tẹ 06/05/2025 pẹ̀lú èrò 6 Méè, ó gbà á ní 5 Júùnù, kò sì ní pariwo. Ẹ tẹ 16/06/2025, kò sí oṣù kẹrìndínlógún, ó wá fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé déètì láti 1 dé 12 ń wọlé dáadáa ṣùgbọ́n tí èyí tó ju 12 lọ ń fara ti òsì, ìṣètò náà ni kí ẹ lọ tún ṣe. Títẹ 2025-06-05, ọdún ṣáájú, kò ní fi àyè sílẹ̀ fún àṣìṣe yìí.

Àwọn ilé ìkàwé tó ń lo Koha, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bójú tó iṣẹ́ ilé ìkàwé, kò nílò ṣíìtì yìí, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ló ń dúró dè wọ́n. `finesCalendar` ló ń sọ bóyá a ń ka ọjọ́ tí a tì. Ẹ fi sí `noFinesWhenClosed`. `FinesIncludeGracePeriod` ló ń sọ bóyá a máa ka àánú padà. Bí ẹ bá yan pé kí a má ka ọjọ́ tí a tì, Koha máa ń yọ wọ́n kúrò kó tó yọ àánú, ìyẹn ni pé àánú rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ṣíṣí. Àmọ́ bí kàlẹ́ńdà ẹ̀ka yín nínú rẹ̀ bá ṣófo, ìṣètò náà kò ní ohun tó máa yọ, Ọjọ́ Àìkú pàápàá yóò sì wọ inú owó. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀, nítorí náà kíkún ti Adó kò kan ti Ìkéré.

Nígbà tí ìkéde ìsinmi bá pẹ́ dé

Ká ní àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́ ti 6 Júùnù, wọ́n kọ ọ́, ṣùgbọ́n wọn kò kọ 9. Ilé ìkàwé tì ní 9 lóòótọ́. Ní 16, kọ̀ǹpútà béèrè ₦100, òǹkàwé san án, ó gba rìsíìtì. Lọ́jọ́ kejì ẹnì kan wá rántí 9, ó kọ ọ́ sínú `Isinmi`. Lójú ẹsẹ̀, F yí padà di 80. Rìsíìtì ní 100, ṣíìtì ní 80, owó inú àpótí kò bá ìwé mu mọ́.

Ìdí rèé tí a kò fi gbọ́dọ̀ fi iye tí a ti san sílẹ̀ fún ìṣirò. Ẹ ní òpó G fún owó tí a gbà, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà sí i, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà rìsíìtì sí H. Bí F bá yí padà lẹ́yìn náà, ìyàtọ̀ láàárín F àti G yóò sọ ẹni tí a jẹ ní gbèsè. Ogún náírà tó ṣẹ́ kù yẹn, ẹ kọ ọ́ sórúkọ òǹkàwé náà kí ó fi dín ìtanràn mìíràn, tàbí kí ẹ dá a padà fún un.

Àpótí ìta

Bí ẹ bá ní àpótí tí òǹkàwé lè sọ ìwé sí nígbà tí ilẹ̀kùn tì, ìwé tí ẹ bá nínú rẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé kì í ṣe ìwé Ọjọ́ Ajé. Ẹ kò mọ̀ bóyá alẹ́ Àbámẹ́ta ló wọlé tàbí ọ̀sán Àìkú, ẹ sì kà á sí ọjọ́ ṣíṣí tó kẹ́yìn. Ìwé wa, bó bá jẹ́ inú àpótí la ti bá a ní 16, 14 Júùnù ni a ó kọ sí C, owó rẹ̀ yóò sì jẹ́ ₦60. Koha ní ìṣètò àpótí tirẹ̀ tó ń ṣe èyí nígbà tí a bá ń gba ìwé wọlé. Ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn ni kó kọ́kọ́ tú àpótí náà, kó tó gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí káńtà, torí bí ti àpótí bá dàpọ̀ mọ́ ti ọwọ́, kò sí bí a ṣe lè yà wọ́n mọ́.